Bí àlàfo ìdánilójú bá fò kọjá 1, kí ni ìwádìí náà sọ?

*Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú ìbéèrè kan tí a fi ń múra ìdánwò, wọ́n fi kèké pín igba aláìsàn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá sí méjì. Ọgọ́rùn-ún gba abẹ́rẹ́ apakòkòrò, ojú iṣẹ́ abẹ 16 kẹ̀. Ọgọ́rùn-ún kò gbà á, ti 26 kẹ̀. Wọ́n ní RR jẹ́ 0.62, 95% CI 0.35 sí 1.07. Mo mú ìdáhùn tó ní "abẹ́rẹ́ náà kò ṣiṣẹ́" torí pé CI kọjá 1, wọ́n sì ní mo kùnà. Ọ̀rẹ́ mi ṣírò OR lórí iye kan náà, ó rí 0.54, ó ní ìkan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni mo ti ṣìnà?*

Ọmọ mi, o rí 1 níbi tó yẹ kí o ti rí i. Ohun tí o wá fi ṣe ìdájọ́ ló wúwo ju ẹ̀rí ọwọ́ rẹ lọ. Àlàfo ìdánilójú, èyí tí wọ́n ń kọ sí CI, tó bá fò kọjá 1, ń sọ fún wa pé ìwádìí yẹn nìkan kò tó láti fi ya "ó ṣiṣẹ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "kò ṣiṣẹ́". Ìwọ wá mú ọ̀kan nínú méjèèjì, o ní òun ni. Ẹni tó kọ ìbéèrè náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń já sí, ìdí nìyẹn tó fi fi ìdáhùn yẹn sáàárín àwọn tó kù.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn inú ìbéèrè náà, ká tó wá sórí iye tí wọ́n kọ. Ewu ni iye àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, tí a fi gbogbo èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn pín. Ewu àwọn tó gba abẹ́rẹ́ jẹ́ 16 nínú 100. Ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 26 nínú 100. Bí o bá fi ewu kejì pín ewu àkọ́kọ́, ohun tó jáde ni ìpín ewu, tí wọ́n ń kọ sí RR: 0.62. Ohun tó ń sọ ni pé, níbi tí ojú iṣẹ́ abẹ ọgọ́rùn-ún èèyàn ì bá ti kẹ̀ láìsí abẹ́rẹ́, bíi méjìlélọ́gọ́ta ni yóò kẹ̀ tí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́. Ewu fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ká ní ewu ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba, ọ̀kan pín ìkejì yóò fún wa ní 1 gẹ́lẹ́. Ohun tó sọ 1 di ààlà kò ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, ohun tí ìwádìí yìí rí ni 0.62. Kò rí 1. Ẹni tó bá ní "kò ṣiṣẹ́" ti ju ohun tí wọ́n rí nù, ó sì ti fi ohun tí wọn kò rí rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká béèrè ni bí 0.62 yẹn ṣe dúró ṣinṣin tó. Igba èèyàn péré ni wọ́n lò, kèké ló sì pín wọn. Ká ní kèké bọ́ síbòmíràn díẹ̀, tí mẹ́ta nínú àwọn tí egbò wọn máa kẹ̀ bọ́ sí ẹgbẹ́ abẹ́rẹ́, iye náà ì bá di 19 àti 23, ìpín ewu yóò sì di 0.83. Tó bá jẹ́ òdìkejì rẹ̀, 13 àti 29, yóò di 0.45. Abẹ́rẹ́ kan náà ni, èèyàn mẹ́ta péré ló ṣípò, ìtàn sì ti yí padà pátápátá. Ìyípadà tó lè wá láti ọwọ́ kèké báyìí ni àlàfo ìdánilójú ń wọ̀n fún wa. Ó ń kó gbogbo iye tí ẹ̀rí ọwọ́ wa kò lè lé dànù jọ síbì kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. `ln` ni lọ́gì àdánidá, `SE` sì ni àṣìṣe òṣùwọ̀n, ìyẹn ìwọ̀n bí kèké ṣe lè yí èsì náà tó. O lè fi ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ rẹ tẹ̀ lé e:

```
ln(0.6154) = -0.4855
SE = sqrt(1/16 - 1/100 + 1/26 - 1/100) = 0.2845
-0.4855 - 1.96*0.2845 = -1.043    e^-1.043 = 0.35
-0.4855 + 1.96*0.2845 =  0.072    e^0.072  = 1.07
```

Ìdí tí a fi ń gba orí `ln` kọjá ni pé ìpín kì í gùn dọ́gba lápá òsì àti lápá ọ̀tún 1. Kí ewu dín kù sí ìdajì jẹ́ 0.5, kí ó di ìlọ́po méjì jẹ́ 2. Ìrìn kan náà ni méjèèjì, àmọ́ lójú ìwé, ọ̀kan fi 0.5 jìnnà sí 1, ìkejì sì fi odindi 1 jìnnà sí i. Lórí `ln`, wọ́n dọ́gba. Èyí ló fà á tí 0.62 kò fi sí ní agbedeméjì 0.35 àti 1.07 nígbà tí o bá fi ojú wò ó. Má rò pé wọ́n ṣì í tẹ̀. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá iye mẹ́ta tí wọ́n fún ọ bára mu, sọ etí méjèèjì àlàfo náà di ìlọ́po ara wọn, kí o sì wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì rẹ̀: 0.35 lọ́nà 1.07 jẹ́ 0.3745, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 0.61. Ó sún mọ́ 0.62 dáadáa. Tí ìyàtọ̀ ibẹ̀ bá pọ̀, á jẹ́ pé àṣìṣe wà nínú ìbéèrè náà, tàbí pé ìwọ ló ka ìlà tó tẹ̀ lé e.

Wá ka etí méjèèjì sókè bí ẹni ń ka lẹ́tà. 0.35: ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ yìí gé ewu kúrò ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí dókítà oníṣẹ́ abẹ èyíkéyìí yóò fi ayọ̀ gbà. 1.07: ó sì ṣeé ṣe kó fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Láàárín méjèèjì, ẹ̀rí kò pín dọ́gba. Iye tó sún mọ́ 0.62 ló bá ohun tí wọ́n rí mu jù, bí a sì ṣe ń sún lọ sí etí ni ẹ̀rí ń tín-ín-rín. 1 wà lẹ́bàá etí ọ̀tún níbí, kò sí láàárín. Iye p tó bá èyí rìn, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí kèké nìkan mú ìyàtọ̀ tó tó báyìí wá ká ní abẹ́rẹ́ kò ṣe nǹkan kan, jẹ́ nǹkan bí 0.09. Gbólóhùn tó tọ́ sí irú èyí ni pé: ìwádìí yìí fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ náà dín ewu kù, àmọ́ àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò pọ̀ tó láti yọ ọwọ́ kèké kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

O lè bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ìṣòro iye èèyàn ni. Wò ó: fi ọgọ́rùn-ún mẹ́rin sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dípò ọgọ́rùn-ún kan, má sì fọwọ́ kan ewu rárá. Ó di 64 nínú 400 àti 104 nínú 400. Ìpín ewu ṣì jẹ́ 0.62, kò yẹ̀ rárá. `SE` ti já sí ìdajì, ó di 0.142, àlàfo ìdánilójú sì di 0.47 sí 0.81. Abẹ́rẹ́ kan náà, agbára kan náà, àlàfo kò sì fò kọjá 1 mọ́. Tó bá jẹ́ pé "kò ṣiṣẹ́" ni ti àkọ́kọ́ lóòótọ́, kí ló wá mú un ṣiṣẹ́ báyìí? Kò sí nǹkan tó yí padà lára abẹ́rẹ́. Ìmọ̀ wa nípa rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Kíyè sí i pẹ̀lú pé ìlọ́po mẹ́rin èèyàn ni a nílò kí `SE` tó já sí ìdajì. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí tó dáa fi máa ń náni lówó, tí àwọn kéékèèké tí à ń ṣe fún oyè sì sábà máa ń parí sí àlàfo tó gùn gbọọrọ.

Nígbà náà, ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí CI tó kọjá 1 fi lè jẹ́ ẹ̀rí pé nǹkan kan kò ṣe ìyàtọ̀? Ó wà. Ká ní wọ́n fún ọ ní ìpín ewu 1.01, pẹ̀lú CI 0.96 sí 1.06. Èyí náà kọjá 1, ṣùgbọ́n etí méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ìrànlọ́wọ́ tó pọ̀ jù tó ṣì lè wà jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpalára tó pọ̀ jù sì jẹ́ ìdá 6. Tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn bá ti gbà ṣáájú pé ohun tó bá kéré ju ìdá 10 kò lè yí ìtọ́jú padà, níbí gan-an ni o ti lè fi ọkàn balẹ̀ sọ pé kò sí ìyàtọ̀ tó nítumọ̀. Ìwádìí tìrẹ pẹ̀lú 0.35 sí 1.07 kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láé, nítorí ìdínkù ìdá 65 ṣì wà nínú ohun tó gbà pé ó ṣeé ṣe. Ìwádìí méjèèjì kọjá 1, ohun tí wọ́n kọ́ wa sì yàtọ̀ síra gedegbe. Nítorí náà, ìgbà tí o bá rí i pé àlàfo kan kọjá 1, ohun kejì tí ojú rẹ gbọ́dọ̀ wá ni bó ṣe gùn tó, àti ohun tó wà ní etí rẹ̀ méjèèjì.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ìdánwò lásán ni mò ń sọ. Ní 1972, Liggins àti Howie gbé èsì ìwádìí kan jáde ní orílẹ̀-èdè New Zealand: tí a bá fún obìnrin tó fẹ́ bímọ ṣáájú oṣù ní abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dù, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ inú rẹ̀ máa ń tètè gbó, mímí kò sì ní nira fún ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá bí i. Àwọn mìíràn tún ìwádìí náà ṣe lẹ́yìn wọn. Ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyẹn kéré, àlàfo ìdánilójú ọ̀pọ̀ wọn lórí ikú ọmọ sì fò kọjá 1. Ẹni tó bá ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìwọ ṣe ka ìbéèrè rẹ yóò máa sọ ní gbogbo ìgbà pé "kò ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́." Ìgbà tí wọ́n kó wọn pa pọ̀, tí wọ́n ṣírò wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí kan ṣoṣo, àlàfo tó jáde wá kúrú, gbogbo rẹ̀ sì wà lápá òsì 1: abẹ́rẹ́ náà ń dín ikú ọmọ kù. Síbẹ̀, ó di 1994 kí ìpàdé àwọn amòye tí àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè tó sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n máa lò ó káàkiri. Láàárín ọdún méjìlélógún yẹn, àìmọye ìyá tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ náà ni kò gbà á.

Àwòrán ìwádìí méje nínú wọn ni àjọ Cochrane, tó ń kó ẹ̀rí ìwádìí ìṣègùn jọ pọ̀, fi ṣe àmì ìdámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Tí o bá wò ó, wàá rí ìlà ìbú kéékèèké méje àti ìlà òòró kan tó dúró láàárín. Ìlà òòró yẹn ni 1. Ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan ni àlàfo ìdánilójú ìwádìí kan, púpọ̀ nínú wọn sì gún ìlà òòró náà kọjá. Dáyámọ́ńdì kékeré tó wà nísàlẹ̀, lápá òsì, ni àpapọ̀ wọn. Mo máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tó fi hàn kedere bẹ́ẹ̀ pé, pé a kò tíì dá nǹkan mọ̀ kò sọ pé nǹkan náà kò sí.

Ó tó báyìí lórí 1. Ẹ jẹ́ ká wá sórí ti ọ̀rẹ́ rẹ.

Ìṣirò rẹ̀ tọ́, 0.54 ni. Ibi tó ti gbé e gba ọ̀nà tí kò yẹ ni pé ó ní ìkan náà ni pẹ̀lú 0.62. Ọ́ọ̀dì kì í fi gbogbo ẹgbẹ́ pín; ó ń fi àwọn tí nǹkan kò ṣẹlẹ̀ sí pín àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́, egbò 16 kẹ̀, 84 kò kẹ̀, ọ́ọ̀dì wọn jẹ́ 16/84. Ti àwọn yòókù jẹ́ 26/74. Fi ìkejì pín àkọ́kọ́, ìpín ọ́ọ̀dì, tí wọ́n ń kọ sí OR, jẹ́ 0.54, CI rẹ̀ sì jẹ́ 0.27 sí 1.09. Wọ́n jọ kọjá 1, wọ́n sì jọ kọjú sí ibì kan náà. Ìyẹn ló tan ọ̀rẹ́ rẹ jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá wá ka 0.54 yẹn bí ẹni ń ka ìpín ewu, yóò ní abẹ́rẹ́ gé ewu kúrò ní ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ 38 ló gé. Ó ti sọ oògùn náà di alágbára ju bó ṣe jẹ́ lọ.

Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ náà ni bí àrùn ṣe wọ́pọ̀ tó. Nínú ìbéèrè rẹ, bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ ni egbò wọn kẹ̀, nítorí náà 74 àti 100 jìnnà síra. Ká ní 16 àti 26 yẹn jáde láti inú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni, àwọn tí nǹkan kò ṣẹlẹ̀ sí ì bá jẹ́ 9,984 àti 9,974, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 10,000. Ìpín ewu ibẹ̀ jẹ́ 0.6154, ìpín ọ́ọ̀dì jẹ́ 0.6148. Ìgbà tí àrùn bá ṣọ̀wọ́n báyìí ni a lè fi ọ̀kan dípò ìkejì, Jerome Cornfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà kan, ló sì fi èyí hàn ní 1951. Àwọn olùkọ́ kan máa ń lo ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí ààlà: tí ewu bá ti ga ju ìyẹn lọ, wọn a ní kí o ṣọ́ra. Ó wúlò, ṣùgbọ́n má gbà á bí òfin. Níbi gbogbo tí àrùn bá ti wọ́pọ̀, OR máa ń jìnnà sí 1 ju RR lọ, ì báà jẹ́ nísàlẹ̀ 1 tàbí lókè rẹ̀.

O lè wá ní, tí ọ́ọ̀dì bá ń tan èèyàn báyìí, kí ló dé tí wọn kò fi jù ú nù? Ìdí ni pé irú ìwádìí kan wà tí kò jẹ́ ká rí ewu ṣírò rárá. Ní 1950, Doll àti Hill gbé èsì ìwádìí wọn lórí sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò tẹ̀ lé amusìgá títí tó fi ṣàìsàn. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti kó ọkùnrin 649 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jọ, wọ́n wá 649 mìíràn tí kò ní in, wọ́n sì bi gbogbo wọn nípa sìgá. Nínú àwọn tó ní jẹjẹrẹ, 2 péré ni kò mu sìgá rí; nínú àwọn tí kò ní in, 27.

Tí o bá sọ pé o fẹ́ ṣírò ewu amusìgá níbẹ̀, wàá mú 647 tó ní jẹjẹrẹ, wàá fi 1,269 pín in, èsì rẹ yóò sì sọ pé ó lé díẹ̀ ní ìdajì amusìgá tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Doll àti Hill ló yàn pé kí aláìlárùn kan wà fún alárùn kan. Ká ní wọ́n mú méjì fún ọ̀kan ni, "ewu" yẹn ì bá já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú ayé. Wò ó pẹ̀lú ìpín: ìpín ewu èké tó wà nínú ìwádìí náà jẹ́ 7.4. Tí o bá sọ àwọn aláìlárùn di ìlọ́po méjì, 1,244 tó ń mu ún àti 54 tí kò mu ún, ó di 9.6. OR ńkọ́? 647 lọ́nà 27, tí a fi 622 lọ́nà 2 pín, jẹ́ 14. Lẹ́yìn tí o bá sọ wọ́n di ìlọ́po méjì, 14 ló ṣì jẹ́. Kò mì rárá. Níwọ̀n bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì ti ṣọ̀wọ́n láàárín gbogbo èèyàn, a lè ka 14 yẹn bí ẹni ń ka ìpín ewu. Ohun tí Cornfield là sílẹ̀ nìyẹn.

Jọ̀ọ́, wo CI rẹ̀ náà. Tí o bá ṣírò rẹ̀ ní ọ̀nà tó rọrùn jù, nípa fífi ìdá kan lórí iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún ara wọn kí o tó wá gbòǹgbò, yóò jẹ́ bíi 3.3 sí 59. Ó gùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, nítorí pé èèyàn 2 péré ló dá dúró sí kọ̀rọ̀ kan nínú tábìlì náà, ìdá kan lórí 2 sì nìkan bo gbogbo àwọn tó kù mọ́lẹ̀ nínú `SE`. Síbẹ̀ kò kan 1. A kò mọ bí ewu náà ṣe pọ̀ tó gan-an, a mọ̀ pé ó wà. Nítorí náà, gígùn àlàfo àti bóyá ó kọjá 1 jẹ́ ìbéèrè méjì, o sì gbọ́dọ̀ dáhùn wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí o bá rí àlàfo gígùn gbọọrọ, wá iye tó kéré jù nínú tábìlì. Ibẹ̀ ni ó sábà máa ń ti wá.

Ìbéèrè tìrẹ wá ńkọ́? Kèké ni wọ́n fi pín wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn títí egbò fi jinná tàbí kẹ̀. Ewu ṣeé ṣírò, nítorí náà RR ni ohun tó yẹ kí ọ̀rẹ́ rẹ kà. Àwọn ìwádìí tí wọ́n bá fi ọ̀nà ìṣirò tó ń jẹ́ rìgírẹ́ṣọ̀n lọ́jísítíìkì ṣírò yóò fún ọ ní OR, kódà nígbà tí RR ì bá ti ṣeé ṣe. Tí àrùn inú rẹ̀ bá wọ́pọ̀, sọ èsì náà bí ọ̀rọ̀ ọ́ọ̀dì, má sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ewu.

Nínú àwọn ìdáhùn tí wọ́n máa ń tò sílẹ̀ fún irú ìbéèrè yìí, èyí tó tọ́ sábà máa ń sọ pé ìyàtọ̀ náà kò dé ìwọ̀n ìdánilójú tí wọ́n fi lélẹ̀, tàbí pé ẹ̀rí kò tíì tó. Èyí tó bá ní "ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba" tàbí "a ti fi hàn pé kò ṣiṣẹ́" ni kí o sá fún, àyàfi tí àlàfo náà bá kúrú bíi ti 0.96 sí 1.06. Wọ́n tún máa ń fi ọ̀kan síbẹ̀ tó ní "ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn wà láàárín 0.35 àti 1.07." Irọ́ ni, àlàfo yìí kò sọ nǹkan kan nípa aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ohun tí 95 yẹn ń sọ ni pé, tí a bá ń tún irú ìwádìí yìí ṣe léraléra, tí a sì ń fi ọ̀nà yìí ya àlàfo nígbà kọ̀ọ̀kan, bíi 95 nínú 100 àlàfo tí a bá yà ni yóò gba iye tòótọ́ mọ́ra.

Àìdánilójú tí àlàfo náà ń wọ̀n sì jẹ́ ti kèké nìkan. Ká ní kì í ṣe kèké ni wọ́n fi pín wọn, tó jẹ́ pé àwọn tó lówó ló ra abẹ́rẹ́, tí wọ́n sì tún ń sùn sí ilé tó mọ́, tí wọ́n ń jẹun dáadáa, CI lè kúrú kó jìnnà sí 1, kí èsì náà sì ṣì jẹ́ irọ́. `SE` kò mọ ẹni tó lówó.

Ẹ̀tàn méjì ṣì wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó wọlé. Àkọ́kọ́, wọ́n lè yí ẹgbẹ́ padà, kí wọ́n fi ewu àwọn tó gba abẹ́rẹ́ pín ti àwọn tí kò gbà á. Nígbà náà, RR di 1.63, CI di 0.93 sí 2.84. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí 1.63, á ní abẹ́rẹ́ ló ń mú egbò kẹ̀. Èsì kan náà ni pẹ̀lú tìrẹ, orí ló kọ sísàlẹ̀. Wo ẹgbẹ́ tó wà lókè nínú ìpín kí o tó sọ̀rọ̀. Ìkejì, wọ́n lè fún ọ ní ìyàtọ̀ ewu dípò ìpín: 26 yọ 16, ó ku ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú CI láti ìdá 1 nísàlẹ̀ òdo títí dé ìdá 21 lókè rẹ̀. Kò sí 1 tí o máa wá níbẹ̀. Bí nǹkan méjì bá dọ́gba, tí a yọ ọ̀kan nínú ìkejì, òdo ló kù, nítorí náà òdo ni ààlà ìyàtọ̀. Àlàfo yìí fò kọjá òdo gẹ́gẹ́ bí ti RR ṣe fò kọjá 1, torí pé igba aláìsàn kan náà ni wọ́n.